"Ọ̀rọ̀ Ti Parí" Méjì Lára Géètì Kan

"Àǹtí, tí àwọn méjèèjì bá ti ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí lẹ tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo ṣì kéré nígbà tí mo fi ìgboyà béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àbúrò ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ó ń di okùn bàtà rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Bá mi wá kọ́kọ́rọ́ mi." Ó sì jáde.

Ilé búrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa ló ń lọ. Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń ti búrẹ́dì sínú ààrò, ó sì ti dákú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ooru. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ pé tó bá tún ṣubú, òun á gba ìbọ̀wọ́ tó fi ń ṣiṣẹ́, òun á dáná sun ìbọ̀wọ́ náà. Iṣẹ́ mìíràn kò sì sí lọ́wọ́ Alága.

Alága lẹ ìwé mọ́ géètì: ìsinmi ní wákàtí-wákàtí, tàbí ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀RỌ̀ TI PARÍ. Kí àtè rẹ̀ tó gbẹ, Máníjà lẹ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìsinmi ẹ̀ẹ̀mejì péré lójúmọ́. Ọ̀RỌ̀ TI PARÍ PÁTÁPÁTÁ. Alága bá tún tirẹ̀ kọ, ó fi lẹ́tà tó tóbi ju ti Máníjà lọ kọ ọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe fi odindi ọ̀sẹ̀ kan parí ọ̀rọ̀ tí kò parí. Bẹ́ẹ̀ àwọn ilé ìwé tó ń ra búrẹ́dì fẹ́ wọlé, ilé búrẹ́dì tí kò bá sì ní búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, kó yáa máa ta géètì rẹ̀.

Alága ló sọ ìyókù fún wa, nítorí kò sẹ́ni tí kì í sọ ọ́ fún.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Àǹtí Pẹ̀lẹ́ kọ́kọ́ bá wọn jókòó. Kò ní kí ẹnikẹ́ni dín ohun tó ń béèrè kù. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ló bi wọ́n. Máníjà ní, "Tí gbogbo wọn bá jọ jáde, ta ni yóò yọ búrẹ́dì kó tó di èédú?" Alága ní, "Mi ò fẹ́ kú sídìí búrẹ́dì, mà."

Ló bá kó wọn jọ. "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìwé yín méjèèjì kò dárúkọ ooru. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ooru ti pọ̀ jù?"

"Ara wa ló ń sọ fún wa," Alága dáhùn.

"Ara yín, àbí ọ̀lẹ?" Máníjà ní.

"Ọ̀gá, ẹ bọ́ táì yín, kẹ́ ẹ wá bá wa mọ̀ ọ́n."

Àǹtí dúró títí wọ́n fi dákẹ́. Ó ní kí wọ́n jọ yan ẹni tí àwọn méjèèjì gbà gbọ́, tó máa sọ ibi tí ooru ti pọ̀ jù. Wọ́n mú ọ̀gá elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé ibi tó bá fi ààlà ooru sí làwọn máa gbà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé òṣùwọ̀n ooru kọ́ sínú yàrá ààrò. Máníjà ní òun fúnra òun ni yóò kà á, torí òun kò fọkàn tán Alága. Ó wọlé pẹ̀lú táì. Ó jáde pẹ̀lú táì lọ́wọ́, ó béèrè omi.

Àdéhùn wá rọrùn. Tí ooru bá kọjá ààlà, ìsinmi wákàtí-wákàtí ti Alága ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni wọn yóò máa jáde kí ààrò má bàa dá wà. Tí kò bá kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì Máníjà ni. Wọn yóò fi oṣù kan dán an wò. Wọn kò fagi lé ìyanṣẹ́lódì, wọ́n kàn sún un síwájú. Tí oṣù bá pé tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí kálukú padà sídìí "ọ̀rọ̀ ti parí" rẹ̀.

Kí oṣù tó pé, Máníjà ti ra fáànù ńlá méjì tó ń fa ooru síta, kí ó má bàa kọjá ààlà, kí ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ lè máa borí. Yàrá ààrò tutù. Alága kò tún dákú mọ́, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ iná. Títí dòní, Alága ní òun ló borí. Máníjà náà ní òun ni.

Mo ti wà ní kíláàsì àṣekágbá báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Àǹtí Pẹ̀lẹ́ gba iwájú ilé búrẹ́dì kọjá. Ìwé méjèèjì ṣì wà lára géètì, oòrùn ti mú kí wọ́n ṣá. Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n yọ wọ́n?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lo bi mí níjọ́sí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Mo lọ wá nǹkan tí wọ́n lè jọ ṣe láìsí ẹni tó máa yọ ìwé rẹ̀, tó máa kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ."