Ṣílè Márùn-ún Tó Gba Ọ̀pẹ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ń po sìmẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, Agége ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ṣakẹ́tẹ́ ni wọ́n ti bí mi, ní ilẹ̀ Faransé, lódìkejì ààlà. Ṣílè la ń ná níhìn-ín, fránkì ni ìyá mi ń ná lọ́hùn-ún. Bàbá kan, ará ìlú wa tó ń ṣòwò obì ní Agége, ló máa ń bá gbogbo wa gbé owó lọ sílé, kì í sì í gba kọ́bọ̀. “Ọmọ ìlú mi ni yín,” ni wọ́n máa ń wí, “ṣé n óò wá gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni?” Àwa náà á dọ̀bálẹ̀, a ó sì máa dúpẹ́ títí ẹnu fi ń ro wá.

Àbúrò mi obìnrin ló ti ilé dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ojú pípọ́n. Nígbà tí bàbá wa kú, ọ̀pẹ wọn la fi dógò ká tó rówó sin wọ́n. Ẹni tó gba ọ̀pẹ náà ní òun fẹ́ ẹgbọ̀kànlá fránkì, ìyẹn ẹgbàá lé igba, kí ọjà tó ń bọ̀ tó kọjá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ló máa kọ gbogbo ẹyìn ọdún yẹn. Ìyá mi ò sì ní nǹkan mìíràn tó ń jẹ.

Pọ́n-ùn márùn-ún péré ni mo ní nípamọ́. Mo dé fìlà, mo fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ Bàbá olóbì.

“Ẹ dúró ná, Ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò mi wí. “Pọ́n-ùn kan tẹ́ ẹ fi rán Bàbá níjelòó, irínwó fránkì ló dé ọwọ́ Màmá.”

Ìyàwó mi, tó ń ṣa obì fún àwọn oníṣòwò ní ìsọ̀ obì Agége, gbójú sókè. “Irínwó kẹ̀? Ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan; ṣé ogún fránkì wá ni ṣílè kan? Àwọn tó ń ti ilẹ̀ Faransé wá ra obì, mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ síra wọn. Lánàá òde yìí ni mo gbọ́ ọ.”

Mo ní irọ́ ni. Ó ka ẹkùrọ́ mẹ́rìnlélógún sílẹ̀, ó ní ọgọ́rùn-ún fránkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì ni pọ́n-ùn márùn-ún mi. Ó kó mẹ́rin kúrò. “Ohun tí Bàbá ń mú nìyẹn.” Ogún ló kù, ẹgbàá fránkì. Kò tó gba ọ̀pẹ padà.

Ó dá mẹ́rin náà padà. Ìyá elépo kan wà tó ń bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ṣakẹ́tẹ́, ṣílè kan ló ń gbà lórí pọ́n-ùn kan, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́jà ló sì fi ń ṣẹ́ ìyókù. A kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a ní ó wọ́n. Ṣílè márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọgọ́fà fránkì: ìyàwó mi mú ẹkùrọ́ kan, ó fọ́ ìkejì, ó bu ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí tó kù nílẹ̀ ju ẹgbọ̀kànlá lọ.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ fa aṣọ mọ́ àgbàlagbà lọ́rùn. Ọ̀fẹ́! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

“Ṣé ìjà ló máa gba ọ̀pẹ ni?” ni ìyàwó mi bi mí. “Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré.”

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, mélòó ni ṣílè kan á jẹ́ tó bá délé?”

Wọ́n wò mí. “Ṣé mo gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ rí?”

“Rárá, Bàbá.”

“Kí lo wá ń bi mí?”

Mo dúpẹ́, mo dìde, mo kọjá sọ́dọ̀ ìyá elépo. Mo bi òun náà kí n tó kó owó sílẹ̀. “Mẹ́rìnlélógún, bí ọjà ò bá yí,” ni wọ́n wí. “Ṣílè márùn-ún tèmi ńkọ́?” Àbúrò mi bá wọn lọ. Oorun ò kùn mí títí ìyá elépo fi padà dé.

Wọ́n ti gba ọ̀pẹ padà! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ara mi fúyẹ́.

Ìyá elépo tú kókó etí aṣọ wọn, wọ́n gbé ọgọ́rin fránkì lé mi lọ́wọ́. “Màmá yín ní kí n dá èyí tó ṣẹ́ kù padà. Wọ́n ní irínwó fránkì ni pọ́n-ùn kan, pọ́n-ùn márùn-ún rẹ ò lè tó bẹ́ẹ̀ láéláé, ẹni tó kà á ló ṣì í kà. Wọ́n ní kí o wá olówó rí, kí wọ́n má baà pè ọ́ lólè.”