Òwú Bàbá Rẹ̀ Kò Já

Ìgbà tí ogun àwọn òyìnbó ń jà lókèèrè ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Ìsẹ́yìn. Ìdí ilé ẹ̀kọ́ wa ni àwọn ahunṣọ ti ń na òwú, láti ẹnu òfì lọ jìnnà réré, wọn a so ìparí rẹ̀ mọ́ òkúta kí ó lè le.

Inú iyàrá ni mo wà lákòókò ìsinmi tí mo gbọ́ igbe láti ìta. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ rí mọ̀ pé kì í ṣe igbe eré. Ẹ̀gbẹ́ òkúta òwú ni mo bá ọmọ ahunṣọ kan sí, apá rẹ̀ tẹ̀ níbi tí apá kì í ti í tẹ̀. Gìrìpá ọmọ oko kan dúró lé e lórí.

"Òun ló tì í!" Gbogbo ẹnu ló ń wí bẹ́ẹ̀.

"Ọlọ́run ń gbọ́ o, Tíṣà, à ń sáré ni!" ọmọ oko náà ní.

"Sáré bí ẹfọ̀n," ọmọbìnrin kan dá a lóhùn.

Bàbá ọmọ náà fi òfì sílẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun. Ọmọ oko ní tirẹ̀ ti sá gba ọ̀nà abà lọ.

Àlùfáà ìjọ ló ni àṣẹ ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, "Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ wá kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó tì í kò ní wọ ibí mọ́."

Mo kọ ọjọ́, mo kọ ibẹ̀, mo kọ igbe tí mo gbọ́. Ó ku ẹni tó tì í, gègé ò lọ mọ́. Ojú mi kọ́ ló rí i. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo bi àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ tó tì í. Ẹnu ara wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo wá tẹ̀lé òwú láti òkúta dé ẹnu òfì. Ọ̀kan ò já.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to egungun, wọ́n ti fi òrí ra apá ọmọ náà, wọ́n ti fi igi pẹlẹbẹ dì í.

"Ta ló tì ọ́?"

"Kò sẹ́nìkan, sà. Mo ń wẹ̀yìn bí mo ṣe ń sáré. Kí n tó wo iwájú, òwú bàbá mi rèé! Mo bá ju ara mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá mi bá lu òkúta."

Bàbá rẹ̀ figbe ta. "O ò bá já a! Òwú ṣe é so!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹni tó bá já a, ẹ ó já etí ẹ̀."

Ẹni tó ń to egungun rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi apá aṣọ nu ojú.

Mo sáré padà. Mo kọ pé èmi kò rí ìṣubú náà, mo kọ ohun tí ọmọ sọ lójú bàbá rẹ̀, ohun tí àwọn yòókù sọ, pé òwú kò já, àti ibi tí wọ́n ti to apá náà.

Àlùfáà kà á lórí ìdúró. "Ìwọ ńkọ́, kí lo rò?"

"Èrò mi ò sí níbẹ̀, sà."

Ó tún un kà. "Kí ọmọ oko náà máa bọ̀ lọ́la."

Ta ni yóò wá sọ fún un lábà? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí aago tó dún, mò ń wo eruku. Àwọn tó ń lọ sóko kọjá. Àwọn ọmọ wọlé tán. Mo ti gbé ẹsẹ̀ láti máa lọ sábà nígbà tí mo rí iṣu ńlá kan tó ń bọ̀, ọmọ oko náà lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ gbé e fún ẹni tí apá rẹ̀ kán," ó ní, "kí ẹ tó lé mi."