Ìmọ́lẹ̀ Ògiri Ọ̀ọ́kán

Rawan Abdulfattah Adédọ̀tun ni orúkọ rẹ̀ ní pípé. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Àdúgbò àtijọ́ tí à ń pè ní At-Tandabawi, ní Mẹ́kà, ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá-bàbá rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí nígbà tó wá ṣe Háàjì láti Ìsẹ́yìn tí kò sì padà sílé mọ́. Lónìí, Jẹ́dà ló ń gbé, ó sì ní ilé fọ́tò kékeré kan níbẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ará wa mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ ni kí ó mú ènìyàn kúrò nínú fọ́tò kan, kí ó gbé e sínú òmíràn: ìyá tó papò dà kí ọmọ tó gbéyàwó, bàbá tí ìkámà rẹ̀, ìwé ìgbélùú, kò jẹ́ kó rin ìrìn àjò, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn yòókù wà níbi.

Kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí ó tó bi fọ́tò ní ìbéèrè mẹ́rin. Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti wá? Báwo ló ṣe ga tó? Etí òjìji ńkọ́, ṣé ó mú ni, àbí ó ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀? Kí sì ni ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bà kí ó tó ta padà sára ènìyàn? Fọ́tò tí kò bá dáhùn, kì í gbà á lọ́wọ́ oníbàárà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, Suad, mú ìyá rẹ̀, Àlàájà Kìfáyàtù, wá bá a. Wọ́n fẹ́ wó ilé wọn ní At-Tandabawi. Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, Àlàájà yóò sì kó lọ bá Suad ní Al-Aziziyah. Ọkọ rẹ̀, Àlàájì Abdulelah, ti ṣaláìsí, kò sì sí fọ́tò kan ṣoṣo tó yà lẹ́nu ọ̀nà ilé tó ti lo ayé rẹ̀. Èyí tó dára jù lọ tí wọ́n ní ni ọ̀kan tí wọ́n yà fún un lórí àga, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan, nítòsí ilẹ̀kùn, ní èbúté Jẹ́dà, níbi tó ti ṣiṣẹ́.

Suad ti fi fóònù rẹ̀ gbìyànjú. Ó ti ya ẹnu ọ̀nà ilé náà láàárọ̀, ó sì ti gbé bàbá rẹ̀ sí i.

Àlàájà na fóònù náà sí Rawan. "Wò ó, ọmọ mi. Ọkọ mi kọ́ nìyí. Ó dà bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó jókòó."

"Mọ́mì, ẹ ti ń rojọ́ pé kò dára láti àná!" Suad bú sẹ́rìn-ín. "Yàá Rawan, bá mi wò ó. Apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti wá nínú méjèèjì. Kí ló tún kù?"

Rawan tẹjú mọ́ ọn. Òótọ́ ni Suad sọ. Nínú fọ́tò èbúté, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà lápá òsì fọ́tò ló mọ́lẹ̀. Nínú fọ́tò ilé náà, láti apá òsì ni oòrùn ti kọlu ògiri.

"Ọ̀nà tí wọ́n gbà wá bára mu," ni Rawan wí, "àmọ́ ìwà wọn ò bára mu. Wo abẹ́ àgbọ̀n Bàbá. Ṣé o rí ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò rí i."

"Báwo ni wàá ṣe rí i? Ó yọ́ mọ́ ọrùn ni. Wo ẹyinjú rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ rí gbàgàdà bí ẹnu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ńlá ilé ìkẹ́rùsí ló tànmọ́lẹ̀ sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó bá fẹ̀ tó sì wà nítòsí, òjìji rẹ̀ a máa rọ̀. Wá wo ògiri tìrẹ. Gbogbo ìṣó ló ní òjìji tó mú bí abẹ. Oòrùn gan-an ló kan ibẹ̀. Ó tóbi lóòótọ́, àmọ́ láti ọ̀nà jíjìn tó wà, bí ẹyọ owó ló ṣe rí lójú wa."

"Fi kọ̀ǹpútà mú kí òjìji náà rọ̀, kó tán."

"Ògiri odindi ni n óò tún kùn nígbà náà. Tí mo bá sì mú kí oòrùn kọlu ojú Bàbá, imú tuntun ni n óò fún un. Ṣé Àlàájà yóò dá a mọ̀?"

"Má ṣe tún imú ọkọ mi ṣe," ni Àlàájà wí. "Imú yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Nígbà tó rọlẹ̀, Rawan béèrè pé, "Àlàájà, ìgbà wo ni Bàbá máa ń jókòó síta?"

Ojú obìnrin náà lọ jìnnà. "Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni. Oòrùn yóò ti bọ́ sẹ́yìn ilé wa. Ẹnu ọ̀nà yóò ti tutù, ògiri ọ̀ọ́kán yóò wá máa dán bí idẹ. Yóò ní kí n gbé tíì wá. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí. Ìwọ náà, Rawan, ṣebí o máa ń wá gba dàbínù lọ́wọ́ rẹ̀."

Rawan rántí. Ó rántí ọwọ́ ńlá náà, ó rántí Yorùbá tí àwọn ọmọdé ń fi Lárúbáwá dá lóhùn, ó sì rántí pé lásìkò yẹn, ojú gbogbo ènìyàn ní òpópónà náà máa ń rẹwà. Kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ògiri ọ̀ọ́kán ni: funfun, gíga, tó ń gba oòrùn tó sì ń dá a padà ní rírọ̀.

Ní Ọjọ́rú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní At-Tandabawi. Oòrùn ti rékọjá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ agbómi kan, aláwọ̀ ewé dúdú, dúró gbọọrọ síwájú ògiri ọ̀ọ́kán. Rawan mú Suad jókòó sórí àga, ó dúró síbi tí ògiri ọ̀ọ́kán ti bọ́ sí apá òsì òun, ó wò ó lójú, ó sì mi orí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti ṣókùnkùn, ó tún ń dà bí ewé.

Awakọ̀ náà ní òun kò lè kúrò títí omi yóò fi tán. Lọ́la, kọ́kọ́rọ́ ilé kò ní sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Àlàájà tọ̀ ọ́ lọ.

"Ọmọ mi, ọkọ mi fẹ́ jókòó síbí fún ìgbà ìkẹyìn."

Awakọ̀ wo àga, obìnrin ló rí lórí rẹ̀. "Ọkọ yín dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn," ni Àlàájà wí, ó nàka sí fọ́tò tó wà lọ́wọ́ Rawan.

Ọkùnrin náà wo fọ́tò náà títí. Ó ká páìpù rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ síwájú.

Lójú kan náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ Suad tàn. Rawan wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀: òjìji yọ́. Ó na ọwọ́ sókè ilẹ̀. Kò rí àwòrán ọwọ́ níbẹ̀, àfi dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó ya Suad lórí àga kí ó lè mọ bí òkùnkùn abẹ́ àga ṣe rí, ó ní kí ó dìde, ó sì ya ẹnu ọ̀nà náà lófìfo.

Nígbà tí Rawan gbé fọ́tò tó parí lọ sí Al-Aziziyah, Àlàájà gbé e lé itan.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Suad," ló wí.

Àwọn tó ń rí fọ́tò náà lára ògiri máa ń sọ fún ara wọn pé kọ̀ǹpútà ló kun ìmọ́lẹ̀ tuntun sójú Àlàájì kí ó lè bá ilé náà mu. Àṣìṣe ni. Yàtọ̀ sí àwọ̀ tí Rawan mú kí ó móoru díẹ̀, àti òkùnkùn tó fi sí abẹ́ àga, kò yí ohunkóhun padà lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú Àlàájì ni èyí tó bá a ní èbúté. Ilé ni wọ́n dúró dè títí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ fi bá ti ojú Àlàájì mu.