Ìjókòó Láàárín Wáàsí Méjì

Onígbàjámọ̀ náà fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀yìn ọrùn àna rẹ̀, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó wá fi èékánná mú irun kan ṣoṣo tó kù lórí kọ́là. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó jù ú nù. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnu rẹ̀ kò sinmi.

Rédíò ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Bí ó bá ń gẹrun ẹni, ìròyìn ìdílé mẹ́ta á ti kọjá kó tó dé etí òsì. Ìyàwó rẹ̀ ní ìgbà kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni ọkọ òun ń panu mọ́ láìsùn: bí lèmọ́mù bá ń ṣe wáàsí Jímọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yìí ló jókòó sórí àga. Irin ló ń jó pọ̀ lópòópónà kejì. Ó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù láti oṣù tó kọjá, kò sì tíì kírun Jímọ̀ rí. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Ó kórìíra kí èèyàn máa wo òun ni.

"Àna mi, gbọ́," ó ní. "Bí mo bá fi ara mi ṣẹ̀sín níwájú àwọn èèyàn yẹn, ilé ni mà á ti máa kírun títí ọlọ́jọ́ á fi dé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èmi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Rédíò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un láàárọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá fi lè sá padà, ọwọ́ rẹ̀ lòun á ti béèrè. Ó bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

"Ẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ wọ aṣọ tó mọ́, ẹ fi lọ́fínńdà díẹ̀ sí i. Ẹ ṣe àlùwàlá. Bí a bá débẹ̀, ibi tí àyè bá wà ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ má gba orí èjìká èèyàn kọjá lọ síwájú. Ẹ ó kí rakah méjì kẹ́ ẹ tó jókòó. Lèmọ́mù á gun mímbárì, àga gíga tó ti ń wáàsí, á kí wa, á jókòó, ládàánì á pèrun. Lèmọ́mù á wá dìde ṣe wáàsí. Látìgbà yẹn, kò sọ́rọ̀ mọ́ o. Bí ẹni ẹ̀gbẹ́ yín bá ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ní kó dákẹ́, ẹ̀yin náà ti sọ̀rọ̀ nìyẹn."

"Ìwọ náà á dákẹ́?"

"Bí òkúta."

"Mo fẹ́ rí i. Tó bá wá ṣe wáàsí tán ńkọ́?"

"A ó dìde, a ó kí rakah méjì, dípò mẹ́rin ọ̀sán tí à ń kí lójoojúmọ́. Ó tún kù..."

Oníbàárà kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Rédíò dojú kọ ọ́. Ohun tó kù kù síbẹ̀.

Ní mọ́ṣáláṣí, gbogbo nǹkan lọ bó ṣe sọ. Wọ́n kí rakah méjì, wọ́n jókòó. Lèmọ́mù kí wọn, ó jókòó, ládàánì pèrun. Lèmọ́mù dìde, ó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ ọ, ọwọ́ lórí orúnkún. Lẹ́yìn náà ni lèmọ́mù dákẹ́, tó sì jókòó.

Ẹ̀gbọ́n dìde.

Òun nìkan ló dúró nínú mọ́ṣáláṣí. Ó kọjú síwájú, ó tún ẹsẹ̀ tò, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Rédíò la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Ó pa á dé. Ó na ọwọ́, ó di etí ṣòkòtò àna rẹ̀ mú, ó sì fà á wálẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa okùn ẹran tí kò fẹ́ kó já. Ẹ̀gbọ́n bojú wolẹ̀. Rédíò na ìka méjì sí i, ó tọ́ka sí mímbárì. Lèmọ́mù ti ń dìde fún wáàsí kejì.

Ẹ̀gbọ́n jókòó. Bàbá àgbà kan lẹ́yìn wọn tẹjú mọ́ fáànù òkè bí ẹni pé ó fẹ́ rà á.

Wáàsí kejì kò gùn. Lèmọ́mù ṣàdúà, ó sọ̀ kalẹ̀, ládàánì pe ìpè ìdìde. Wọ́n tò, èjìká kan èjìká. Lèmọ́mù ké Kùránì sókè, wọ́n kí rakah méjì, wọ́n sálámà sọ́tùn-ún, wọ́n sálámà sósì. Ẹ̀gbọ́n kò tún ṣàṣìṣe kankan. Kò sì wo ẹnikẹ́ni.

Níta, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Rédíò dúró tì í. Ó ti lè sọ̀rọ̀ báyìí, kò sọ ọ́.

"Irin tí lèmọ́mù ń dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn mímbárì yẹn," Ẹ̀gbọ́n ní, "ta ló jó o pọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ó ń mì. Sọ fún wọn pé mà á gbé ẹ̀rọ mi wá láàárọ̀ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kó tó di àsìkò ìrun."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wá..."

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ti sọdá títì, ó ń fi ọwọ́ kan gbọn etí ṣòkòtò rẹ̀ bó ṣe ń lọ.