Ọṣẹ Tí Kò Tíì Gbẹ

Ọṣẹ ló fà á tí ọrùn ọwọ́ òsì mi fi wọ́.

Èmi ni mo ń ṣe ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan lẹ́yìn Ìlá, lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Baba tó dá a sílẹ̀ kú láìsọ bí wọn ó ṣe pín in. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, ọkùnrin láti ọ̀dọ̀ ìyáálé, obìnrin láti ọ̀dọ̀ ìyàwó. Ọkùnrin ló ń bójú tó sísè, àbúrò rẹ̀ ló ń bójú tó títà, ìyá méjèèjì sì ti kọ́ wọn láti kékeré pé kí wọ́n má fọkàn tán ara wọn. Àwọn àgbà ẹbí ní kí ọkùnrin mú ilé iṣẹ́ àti iṣẹ́ tó bá ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí obìnrin kó gbogbo ọjà tó ti parí, kó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tan. Wọ́n dá ọjọ́ Mọ́ńdé.

Ìpín náà tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn. Ẹ̀rù ba èmi, nítorí ọṣẹ tí a ti gé ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ kún orí pẹpẹ fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí àdín àti sódà bá ti kúrò ní yàrá èlò tí wọ́n wọ ìkòkò, owó tí a fi rà wọ́n ti di ara iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn. Owó iṣẹ́ àwọn tó ń rò ó náà á wọ ibẹ̀. Ìpín tirẹ̀ nínú epo jẹnẹrétọ̀, owó ọlọ́dẹ àti gbígbó tí ẹ̀rọ ń gbó á tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á wà títí a ó fi dà á sínú àpótí, tí a ó gé e, tí yóò gbẹ lórí pẹpẹ, tí a ó tẹ òǹtẹ̀ sí i, tí a ó wé e. Ìgbà yẹn ni mo tó ń kó owó náà kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí ọjà tó parí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdé, àbúrò dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti àwọn aláàárù. Wọ́n kó ti inú sítọ́ọ̀ tán, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti orí pẹpẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìkòkò sílẹ̀ tòun ti igi ìroṣẹ lọ́wọ́, ó dí ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò yíjú sí mi. “Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé kì í ṣe gbogbo èlò ló ti wà nínú ọṣẹ yìí?”

“Èlò ti pé nínú rẹ̀,” mo ní. “Iṣẹ́ ni kò tíì pé. Kò tíì gbẹ, a kò tíì tẹ òǹtẹ̀ sí i, a kò tíì wé e. Kò tíì di ọjà.”

“O ti gbọ́,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Àbúrò gbé odidi ọṣẹ kan, ó sọ ọ́ mọ́ ọn lójú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Ẹ̀gbọ́n gbé igi ìroṣẹ náà sókè, mo sáré bọ́ sáàárín wọn, ó bà mí lọ́wọ́, mo sì gbọ́ bí egungun ṣe dá. Ìkejì ba àbúrò rẹ̀ léjìká. Ó ṣubú lu garawa omi sódà tó ń jóni lára, gbogbo rẹ̀ sì dà sí i lápá.

Mi ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Aláàárù kan yọ àdá nínú ọkọ̀, ó ṣá ọ̀kan nínú àwọn tó ń ro ọṣẹ lẹ́yìn. Àwọn yòókù gbá a mú, wọ́n ń lù ú, wọ́n sì ti ìkòkò dànù. Ọṣẹ gbígbóná ṣàn gba ilẹ̀, àwọn ènìyàn ń yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ṣí omi táǹkì, mo fa obìnrin náà sábẹ́ rẹ̀, mo sì dì í mú síbẹ̀ títí a fi rí ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí ọsibítù. Awọ ń bọ́ tẹ̀ lé omi.

Wọ́n ti ẹ̀gbọ́n àti aládàá náà mọ́lé. Ẹni tí wọ́n ṣá yè é.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, àgbà kan nínú ẹbí ní kí n pín owó ọṣẹ tó dànù sórí èyí tó kù lórí pẹpẹ. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ìjà ló dà á nù, kì í ṣe sísè. Àdánù oṣù yẹn ni, kò gbọdọ̀ wọ owó tí a fi ṣe ọṣẹ mìíràn.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba béèlì ẹ̀gbọ́n, ó ní kí wọ́n parí ti orí pẹpẹ kí wọ́n sì kó o fún àbúrò òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tòun ni. Nígbà tó gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ òǹtẹ̀ sí i. Mo gbé owó rẹ̀ bọ́ sórí ọjà tó parí, a sì ránṣẹ́ sí àbúrò.

Ó wá, aṣọ wà lórí apá rẹ̀, ìka méjì kò ká mọ́. Wọ́n di ẹrù sọ́kọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó ní, “Ẹ kú ìnira.”

Àbúrò wọ inú ọkọ̀. Ó ní kí awakọ̀ máa lọ.