Iye Tí Wọ́n Pe Ìjàpá Bàbá Alágbọn

Ọkùnrin tó pe ọkọ̀ náà ní ẹgbẹ̀fà náírà (₦1,200) ló kọ́kọ́ yọ owó síta pé òun fẹ́ rà á. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá pè é bẹ́ẹ̀ gan-an ló fò dìde, tó ní kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ ní iye yẹn lójú òun.

Iwájú mọ́ṣáláṣí kan ní Ajah lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọkọ̀ tuntun ti wọ́n kọjá ohun tí irú wa lè béèrè iye rẹ̀. Mo háyà yàrá kan nítòsí ibẹ̀ nígbà náà, mò ń lọ ṣiṣẹ́ ìròyìn ní Erékùṣù Èkó. Aládùúgbò mi kan tó ń ta àgbọn kú. Ilé ẹbí ló ń gbé, nítorí náà kò sí ohun méjì tí wọ́n máa pín ju ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ lọ, èyí tó rà ní tuntun ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú.

Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní ọmọkùnrin kan tó ti dàgbà, tí ìyá tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Lèmọ́mù ti là á fún wọn lẹ́yìn fìdáù: ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, nínú ìyókù, ọmọkùnrin á gba ìpín méjì, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan á gba ẹyọ kan. Ọmọkùnrin yìí fẹ́ gbé ọkọ̀ náà, kó sì fi owó san ìpín àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó bá a jà lórí ìyẹn. Iye ọkọ̀ ni ìjà wà. Bó bá ṣe kéré tó ni owó tó máa san á ṣe kéré tó.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ìyàwó olóògbé náà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ẹni tó ni ín sì ń béèrè ₦280. Bí kò bá rí i san, abúlé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ló kù, níbi tí àwọn ọmọ ò ti ní rí ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó sọ fún mi pé, “Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, tí ìpín mi ò bá tó ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹrù ni mo máa dì.” Ó bẹ̀ mí kí n bá òun wo iye tí wọ́n ń ta irú ọkọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn. Mo rí ọ̀kan tí ọjọ́ orí wọn jọra. ₦4,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gé e fún un.

Ọmọkùnrin náà ní tirẹ̀ mú alágbàtà ọkọ̀ kan wá láti Obalende, ọkùnrin kan tó so báàgì mọ́ ìdí, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó ní ₦1,200.

Obìnrin náà na ìwé tí mo gé fún Lèmọ́mù, ó sì ní kí wọ́n wo ago ọkọ̀ náà: kìlómítà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógójì péré ló ti rìn.

Alágbàtà náà rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ojú nọ́ńbà márùn-ún ni ago yẹn ní. Tó bá ti dé ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún àti àjẹkù, ó máa padà sí òdo ni. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ búréèkì, irin ló kù.” Lèmọ́mù bi ọmọkùnrin náà léèrè bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wà á. Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni bàbá òun ń gbé àgbọn lọ sí Obalende, ó sì ń padà. Fún ọdún mọ́kànlá. Gbogbo wa gbà pé ago náà ti yípo lẹ́ẹ̀kan.

Ó kan ìwé tèmi. Alágbàtà náà ní iye tí olówó ọkọ̀ ń lá lálàá ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye tó gbà nígbẹ̀yìn. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè níbi tí bátìrì wà, ó ti ìka bọ irin ilẹ̀ ọkọ̀, ìka náà sì yọ sí ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ òkun àti omi bátìrì ti jẹ ẹ́. Mo wo ojú obìnrin náà. Ó ti gba ìwé tí mo gé fún un padà, ó ká a mọ́ ọwọ́, kò wo ẹnikẹ́ni.

Lèmọ́mù dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí òun ṣe máa ń pín ogún nìyí: òun kì í gba iye tí ẹnì kan bá pe ọjà, àfi tí ẹni náà bá lè fi iye yẹn rà á lójú ẹsẹ̀. Ó bi alágbàtà náà léèrè pé, “Ṣé ẹ lè san ẹgbẹ̀fà náírà báyìí, kẹ́ ẹ máa wà á lọ?”

Alágbàtà náà wo ọmọkùnrin náà. Ọmọkùnrin náà mi orí díẹ̀ pé rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ alágbàtà ti wọ báàgì.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà náà ni ọmọkùnrin náà fò dìde.

“Ọ̀gá, ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn?”

“Ìwọ lo ní kí n pè é. Mo pè é. Wọ́n ní kí n rà á. Mo ń rà á.”

“Ẹgbẹ̀fà? Ẹ́ńjìnnì tí a tú palẹ̀, tí a tún tò pẹ̀lú písítìnnì tuntun? Àwọn ará abúlé etí òkun ti bẹ̀ mí lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, torí òun nìkan ni kì í rì sínú iyanrìn wọn.”

Àwọn àgbàlagbà tó jókòó lórí ẹní rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí wọ́n fún un lómi, ó ti ń polówó ọjà. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ iwájú.

Lèmọ́mù kọjú sí alágbàtà náà: tó bá rà á, èló ló máa tà á fún àwọn ará etí òkun yẹn? Ọkùnrin náà gbìyànjú láti yí ọ̀rọ̀ po. Wọ́n jẹ́ kó yí i po tán, wọ́n sì tún bi í. Ó ní ní ìlú, pẹ̀lú ìrìn tó ti rìn, kò ní ju ẹgbẹ̀wá lọ. Ní Ajah níbí, torí iyanrìn, tí ìjàpá ò sì pọ̀ tó àwọn tó ń wá a, ó lè tó ẹgbẹ̀ẹ́dógún, ₦3,000, lẹ́yìn tí òun bá ti tún un ṣe.

“Ẹ ka ohun tí ẹ máa ná fún wa.”

Igba náírà fún jíjó irin ilẹ̀. Ọgọ́jọ fún táyà. Òjìlénígba ni èrè tirẹ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600. Lèmọ́mù yọ ọ́ kúrò, ó ku ₦2,400. Ó bi ọmọkùnrin náà bóyá ó rí àṣìṣe kankan. Kò rí i. Ó bi obìnrin náà.

“Iye tèmi ńkọ́, Lèmọ́mù?”

“Ọ̀ọ́dúnrún náírà.”

Ó jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó sì bo ojú. Ìpín rẹ̀ tó owó ṣọ́ọ̀bù náà, bí owó bá wá. Ọmọkùnrin náà ní òun ò ní iye tí òun gbọ́dọ̀ san lọ́wọ́ báyìí. ₦675 lòun ti múra sílẹ̀ fún, ìpín àwọn tó kù nínú ẹgbẹ̀fà.

Lèmọ́mù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ bí ó ṣe máa rí. Títí di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ọmọkùnrin náà láǹfààní láti mú ₦1,350 wá: ọ̀ọ́dúnrún fún ìyàwó bàbá rẹ̀, àti ₦525 fún àbúrò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí mọ́ṣáláṣí máa tọ́jú dè wọ́n. Bí kò bá mú un wá, wọ́n á ta ọkọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá dé láti etí òkun tàbí Obalende, kò sì ní kéré sí ₦2,400. Títí dìgbà náà, iwájú mọ́ṣáláṣí ló máa wà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wà á.