Atẹ Mọ̀

Wọ́n ní ìwà tútù ni Ìyá Mẹ́fà fi lo ayé rẹ̀. Irọ́ ni. Ọjọ́ ìrántí rẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà ilé ẹ̀kọ́ dúró níwájú gbogbo èèyàn tó sọ bẹ́ẹ̀, ojú kò sì tì í. Òun gan-an ló sì yẹ kó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí òun ni Ìyá Mẹ́fà dá dúró lórí ìtàgé láàárín ewì.

Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn yẹn. Ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀gá Àgbà ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí Ìyá Mẹ́fà fi ń kọ́ni kọ ewì kan tí wọ́n ń pè ní sẹsitínà, aṣọ rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ náà ń dán. Ó ka abala kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Ó dé ìkẹrin:

*Ìrètí mi ló kún inú àpò,*
*Mo sinmi díẹ̀, mo sọ ẹrù,*
*Mo wá rẹ́rìn-ín sí oníbàárà...*

"Ẹ dúró," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. Ìyá Mẹ́fà ti dìde. "Atẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Oníbàárà ṣì ń bọ̀ ní ìlà tó tẹ̀lé e. Ẹ ti jẹ́ kó fo ìlà."

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ta ló máa mọ̀?"

"Atẹ mọ̀," ni Ìyá Mẹ́fà wí, ó sì jókòó. Ọ̀gá kò ka ewì náà parí.

Kí ẹni tí kò mọ̀ má baà ṣì wá gbọ́, a kì í fi ọ̀rọ̀ sípò bó ṣe wuni nínú sẹsitínà. Ewì onílà mọ́kàndínlógójì ni. Abala mẹ́fà ló ní, ìlà mẹ́fà mẹ́fà, ìlà mẹ́ta sì ni wọ́n fi ń dì í. Kò ní ìró tó jọra lópin ìlà. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ló ń parí gbogbo ìlà rẹ̀, àwọn náà ló ń padà wá nínú abala kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pààrọ̀ ipò. Ní kíláàsì ewì àwọn àgbà tí Ìyá Mẹ́fà ń kọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà kì í yí padà: ọjà, atẹ, ẹrù, òṣùwọ̀n, àpò, oníbàárà. Ìyá tó bí i ló ta àlùbọ́sà dọjọ́ ikú, ibẹ̀ ló sì ti kó wọn. Ẹni tó bá ní kí òun fi òmíràn rọ́pò, á wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "O ti rà á," á wí. "A kì í gba ọjà padà níbí."

Torí ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Mẹ́fà, orúkọ náà sì kó bá a lóde o. Obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ bi í léèrè rí pé, "Ìyá Mẹ́fà, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹ̀kẹrin nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu."

"Ẹ máa gbàdúrà fún un."

"Mi ò ní gbàdúrà fún un," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bímọ rárá. Òṣùwọ̀n ni ẹ̀kẹrin.

Bí ó ṣe ń kọ́ni ni pé ó máa ń to àga mẹ́fà sí ìlà kan. Ọ̀rọ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ẹni kọ̀ọ̀kan á sọ ìlà kan tó parí sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, láti àga kìíní dé ìkẹfà. Abala kan parí nìyẹn. Á wá pàtẹ́wọ́, "Ó yá, ẹ ṣí." Ẹni tó kẹ́yìn á bọ́ sí àga kìíní, ẹni tó wà níwájú á bọ́ sí ìkejì. Ẹni karùn-ún á bọ́ sí ìkẹta, ẹni kejì sí ìkẹrin. Ẹni kẹrin á bọ́ sí ìkarùn-ún, ẹni kẹta á wá gba ìkẹfà. Ìsàlẹ̀ kan, òkè kan, títí wọn á fi pàdé láàárín. Ẹni tó bá ṣìnà, igbe ló máa gbọ́. Àwọn kan wà tí wọn ò lè gbọ́ "ẹ ṣí" dòní kí àyà wọn má já.

Ọ̀gá Àgbà kò gbàgbé ìtìjú ọjọ́ ayẹyẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé òfin jáde pé kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò bá pé mẹ́fà, títì ni. Òfin fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni, ó wí, àmọ́ kíláàsì kan ṣoṣo ni kò pé mẹ́fà. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni Ìyá Mẹ́fà ní, ẹni kẹfà ti sá lọ kọ́ ìṣirò. Ó wá gbogbo ibi dé, kò rẹ́ni. Kò sí ẹni tó máa fi owó ra igbe. Ó wá ku ilé kan tí kò tíì dé.

Ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, aránṣọ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá wọn, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí àbúrò yìí fi gbé òṣùwọ̀n ìyá lọ tà fún onírin àlòkù. Òṣùwọ̀n tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀ sínú yàrá rẹ̀ kó máa wò ó. Ìbínú yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ọmọ àbúrò yìí ṣègbéyàwó, ẹ̀gbọ́n lọ, ó jókòó sí òdìkejì gbọ̀ngàn.

Ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ bíi pé ó wá gba gbèsè. "Mo fẹ́ kí o wá kọ́ ewì."

Aránṣọ wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ ná."

"Káàárọ̀. Ṣé wàá wá?"

"Mi ò mọ ewì."

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Ìjókòó ni mo ní kí o wá jókòó."

Ó wá. Abẹ́rẹ́ ṣì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá Mẹ́fà fún un ní òṣùwọ̀n, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Lẹ́ẹ̀meje ni á máa fẹnu ara rẹ̀ pe ohun tó tà, lẹ́ẹ̀kan nínú abala kọ̀ọ̀kan àti lẹ́ẹ̀kan níbi ìdì. Òun gan-an ló sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Àgbà wá wòran ló wá dé. Ó ti ní òun ò ní ka aránṣọ tí kò mọ ewì mọ́ mẹ́fà, àfi tí ewì náà bá parí láìṣìnà; bí wọ́n bá ṣìnà, kò sẹ́ni tó máa gba kíláàsì náà sílẹ̀. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ lórí àga kẹrin. "Àlùbọ́sà kò wúwo lórí òṣùwọ̀n," ó wí, kò burú. Wọ́n ṣí, ó bọ́ sí ìkarùn-ún. Wọ́n tún ṣí, ó bọ́ sí ìkẹta.

"Orúnkún mi ò sí nínú àdéhùn yìí," ó kùn.

"Gbé e dání, máa bọ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n ṣí ní ìgbà kẹta, àga kẹfà ló kàn án. Òun ló máa parí abala kẹrin.

Ibẹ̀ ni òfin ewì yìí ti le jù. Ọ̀rọ̀ tó bá parí abala kan, òun ló máa parí ìlà àkọ́kọ́ nínú abala tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá wà lórí àga kẹfà kò rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni sá sí. Bó bá ṣe sọ̀rọ̀ tán ni á dìde, á bọ́ sí àga kìíní, á sì tún sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà.

Àpò sọ tirẹ̀, ẹrù sọ tirẹ̀, atẹ sì wà ní ìlà kẹta níbi tó yẹ kó wà. Oníbàárà tẹ̀lé e, ọjà tẹ̀lé e. Ó wá kan aránṣọ.

*"Ọ̀dọ̀ onírin àlòkù ni mo ta òṣùwọ̀n."*

"Ẹ ṣí," ni Ìyá Mẹ́fà wí. Ohùn rẹ̀ tutù, ìyẹn ló burú jù. Aránṣọ rìn lọ sí àga kìíní. Ó jókòó.

*"Òjé ni ìyá wa lẹ̀ mọ́ abẹ́ òṣùwọ̀n."*

Ìyá tí Ìyá Mẹ́fà fi ń búra. Ìyá tí ó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo pé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí, pé bí òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe tọ́ ni kí ewì wọn tọ́. Ìyá Mẹ́fà di ẹ̀yìn àga kan mú. Gbogbo wọn ń dúró de igbe.

Ọmọbìnrin tó di àpò mú ti ń sunkún. Òun ló kàn.

"Àpò," ni Ìyá Mẹ́fà wí. "Ewì kì í dúró de ẹkún."

Àpò sọ tirẹ̀. Ọjà, ẹrù, oníbàárà, atẹ. Abala kẹfà lọ geere: atẹ, òṣùwọ̀n, oníbàárà, àpò, ẹrù, ọjà. Wọ́n wá jùmọ̀ dì í ní ìlà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lè pé:

*Ẹni tó bá gbé ẹrù dé ọjà,*
*kó yẹ òṣùwọ̀n wò lórí atẹ;*
*àpò tó kún kò tó oníbàárà.*

Ọ̀gá Àgbà wá àṣìṣe títí, kò rí. Ó jáde láìdágbére.

Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ tán, ìjà wá bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Oníbàárà ìyá kan ti ní òun máa gbé e lọ yẹ̀ wò lójú gbogbo ọjà lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Mo ní kí n tètè gbé e kúrò."

"Mi ò bi ọ́ ní ti oníyẹn. Èmi ńkọ́? Gbogbo ọdún tí mò ń bú ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ràn ìyá jù," ni aránṣọ wí. "Mo ní kẹ́ ẹ máa bínú sí mi. Ara mi gbà á."

Ó bínú. Ó bínú sí ìyá tó ti kú, sí àbúrò tó dákẹ́, sí ara rẹ̀ tí kò béèrè. Ó pè é ní òmùgọ̀, ó pè é ní ọ̀dájú, lẹ́yìn náà ló ní kó wá jẹun nílé òun. Látìgbà náà kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kò jà, wọn kò sì dákẹ́ sí ara wọn mọ́ títí ikú fi dé.

Ẹni tí Ọ̀gá Àgbà wá ń pè ní oníwà tútù nìyẹn lọ́jọ́ ìrántí rẹ̀. Ó parí ìyìn, ó nu ojú tí kò lómi, ó wá ní níwọ̀n ìgbà tí olóògbé ti lọ, kíláàsì rẹ̀ náà á lọ sinmi.

Aránṣọ dìde láti ẹ̀yìn. "Ẹ dúró," ó wí.

Kò bá Ọ̀gá jiyàn. Ó lọ to àga mẹ́fà sí ìlà kan, ó sì gba ìkẹrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá jókòó síbi tí ọ̀rọ̀ wọn wà. Ọ̀gá Àgbà kà wọ́n. Ó tún wọn kà, bóyá wọ́n á dín. Mẹ́fà ni wọ́n, òfin rẹ̀ ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ewì rẹ̀ látòkè. Wọ́n ń ṣí, wọ́n ń sọ, ojú wọn sì ro. Ní abala kẹrin, ẹkún gba ọkàn ọmọkùnrin tó di oníbàárà mú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú ìlà rẹ̀. Aránṣọ na ọwọ́ sí i láti àga kẹfà.

"Atẹ ni," ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ọmọ náà wí. "Lónìí, ta ló máa mọ̀?"

Aránṣọ wo àyè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dúró sí nígbà tó bá ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n," ó wí. "Jẹ́ kí atẹ sọ tirẹ̀."